BÍ ÌDÁNILẸ́KỌ̀Ọ́ GBỌỌRỌ ṢE LÈ DI IṢẸ́ GBOGBO KÍLÁÀSÌ
(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn olùkọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ni)



Kò sí olùkọ́ tí etí rẹ̀ kò mọ ariwo "Bẹ́ẹ̀ ni, sà!" Olùkọ́ á dúró níwájú pátákó, á sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 30, á sì béèrè lẹ́yìn náà pé, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo kíláàsì á pa ohùn pọ̀ dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà!" Ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí ó bá fún wọn ní ìdánwò lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ìwé tí yóò gbà padà yóò fi hàn án pé kò yé wọn. Inú á bí i, á ní olórí kunkun ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà kò purọ́ fún un. Ó dà bí ẹni pé ó yé wọn ní tòótọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ olùkọ́ já gaara, kò sì sí ohun kankan tí ó mú kí wọ́n dán òye ara wọn wò.

Kókó ọ̀rọ̀ yìí ni bí olùkọ́ ṣe lè gé irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà kéékèèké, tí yóò sì fi iṣẹ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣe sí agbedeméjì wọn.

ẸNI MÉLÒÓ NI Ó Ń RONÚ?

Bí olùkọ́ bá dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró láti béèrè ìbéèrè, ọ̀nà tí a sábà ń gbà ṣe é ni pé kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n nawọ́ sókè. Nínú kíláàsì ọlọ́mọ 60, ọwọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò gòkè, àwọn ọmọ kan náà ni yóò sì máa jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù dé òpin rẹ̀. Olùkọ́ á pe ẹnì kan, onítọ̀hún á dáhùn dáadáa, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ á sì máa lọ. Ọmọ kan ni ó ronú. Àwọn 59 yòókù sinmi, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn lè sinmi.

Ìdí kejì ni pé àkókò tí a ń fún wọn kéré jù. Obìnrin onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Mérì Bọ́ọ̀dì Róò, fi ọ̀pọ̀ ọdún gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú kíláàsì, ó sì kọ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1974. Ó rí i pé lẹ́yìn tí olùkọ́ bá béèrè ìbéèrè, ìṣẹ́jú àáyá kan péré, tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, ni ó ń dúró kí ó tó pe ẹlòmíràn tàbí kí ó dáhùn fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn olùkọ́ kọ́ láti dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kò rí nǹkan sọ dín kù, àwọn ọmọ tí wọ́n ti kà sí aláìmọ̀kan tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí dá sí ọ̀rọ̀.

ÌGBÉSẸ̀ MẸ́TA

Ní ọdún 1981, Fránkì Láímàn ti Yunifásítì Mẹ́rílándì, ní Amẹ́ríkà, sọ ìdúródíẹ̀ yìí di ètò kan tí ó rọrùn. Ní èdè wa a lè pè é ní "Rò ó, bá ẹnìkejì rẹ sọ ọ́, gbé e síta." Orúkọ rẹ̀ ti sọ ìgbésẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n inú bí a ṣe ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ni iṣẹ́ wà.

Èkíní ni ríronú. Olùkọ́ á kọ ìbéèrè sí ojú pátákó, á sì fún wọn ní ìṣẹ́jú kan láìsí ariwo. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ìdáhùn tirẹ̀ sílẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn olùkọ́ sábà máa ń fò. Bí wọ́n bá ti béèrè tán, wọ́n á ní, "Ó yá, ẹ bá ara yín sọ ọ́." Níbẹ̀ ni ètò náà ti ń bàjẹ́, nítorí pé ẹni tí ẹnu rẹ̀ yá ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹnìkejì á sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ kí ó tó ní èrò tirẹ̀ rárá. Ohun tí ọmọ bá ti kọ sílẹ̀ kò ṣeé fi "bẹ́ẹ̀ ni" pa rẹ́.

Èkejì ni bíbá ẹnìkejì sọ ọ́, fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tí ó jókòó sápá òsì ni yóò kọ́kọ́ sọ tirẹ̀ àti ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ti apá ọ̀tún yóò sọ tirẹ̀. Níbi tí àwọn ọmọ mẹ́ta bá ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, ẹni tí ó wà ní ìpẹ̀kun kan ni a sábà máa ń gbàgbé. Kí a kúkú sọ wọ́n di ẹlẹ́ni mẹ́ta: kí àwọn méjì sọ èrò wọn, kí ẹni kẹta sì sọ ibi tí èrò méjèèjì ti yàtọ̀ síra. Níbi tí ọkùnrin àti obìnrin bá ti ń jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ètò náà kò yí padà, kí ọkùnrin bá ọkùnrin sọ ọ́, kí obìnrin bá obìnrin sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta ni gbígbé e síta. Olùkọ́ kò ní ní kí wọ́n nawọ́ sókè. Òun ni yóò yan ẹni tí yóò sọ̀rọ̀, ìbéèrè rẹ̀ yóò sì jẹ́, "Kí ni ẹnìkejì rẹ sọ?" Ìbéèrè yìí ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ó ń mú kí gbogbo wọn tẹ́tí sí ara wọn, ó sì ń gba onítìjú sílẹ̀, nítorí pé èrò tí ó ń gbé jáde kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti ṣe ilé-kéú mọ̀ pé kí ọmọ máa jókòó ti ọmọ láti gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun láàrin wa. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nílé-kéú, ẹni tí ó ti kà á kọjá ni ó ń gbọ́ ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà á, ohun tí ó sì ń gbọ́ ni bóyá kò ṣì í kà. Nínú ètò yìí, kò sí ẹni tí ó ti mọ ìdáhùn. Ìdí ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wá.

ÀPẸẸRẸ KAN: NÍBO NI ARA IGI TI WÁ?

Ẹ jẹ́ kí a gbé ẹ̀kọ́ kan yẹ̀ wò. Ká sọ pé olùkọ́ kan ní kíláàsì ọlọ́mọ 60 ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, píríọ́ọ̀dù ìṣẹ́jú 40 ni ó ní, ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ni bí ewé ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ fún igi. Nínú ìwé ètò rẹ̀ àtijọ́, ìṣẹ́jú 25 ni ó fi ń sọ̀rọ̀, ó fi 10 kọ nóòtì sí pátákó, ó sì fi 5 béèrè bóyá ó yé wọn.

Nínú ètò tuntun, ó fi ìṣẹ́jú 3 rán wọn létí ẹ̀kọ́ tí ó kọjá. Ó wá fi 8 ṣàlàyé pé gbòǹgbò ń fa omi, pé ihò tín-tìn-tín tí ó wà lára ewé ń gba kábọ́nì dayọ́kísáìdì láti inú afẹ́fẹ́, àti pé agbára oòrùn ni ewé fi ń sọ méjèèjì di ṣúgà. Níbẹ̀ ni ó ti dákẹ́, tí ó kọ ìbéèrè yìí sí pátákó:

"A gbin èso igi kan. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, a gé igi náà, a sá a títí ó fi gbẹ. Nínú kí ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú ìwọ̀n rẹ̀ ti wá? (1) ilẹ̀, (2) omi, (3) afẹ́fẹ́, (4) ìmọ́lẹ̀ oòrùn."

Wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n ń kọ. Lẹ́yìn náà, olùkọ́ ní kí wọ́n gbé iye ìka tí ó bá ìdáhùn wọn mu sí àyà wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà wo ti aládùúgbò rẹ̀. Ó kà wọ́n: 26 gbé ìka kan sókè, 10 gbé méjì, 20 gbé mẹ́ta, 4 gbé mẹ́rin. Ìdáhùn tòótọ́ ni afẹ́fẹ́, ó sì ti sọ ọ́ fún wọn ní ìṣẹ́jú mélòó kan sẹ́yìn. Síbẹ̀, ilẹ̀ ni ó borí. Bí ó bá jẹ́ pé ó béèrè bóyá ó yé wọn ni, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà!" ni ì bá gbọ́.

Kò sọ ìdáhùn. Ó ní, "Ẹ wá ẹni tí ìka rẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín nítòsí, kí ẹ yí i lọ́kàn padà." Ó wá ń rìn láàrin bẹ́ǹṣì, ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó gbọ́ tí ọmọ kan ń wí pé, "Ilẹ̀ ni. Bí ilẹ̀ bá ti ṣá, nǹkan ọ̀gbìn kì í dàgbà. Ṣebí ìyẹn ni bàbá mi ṣe ń da ajílẹ̀ sóko." Ẹnìkejì rẹ̀ dáhùn pé, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ń di igi, kí ló dé tí abẹ́ ìrókò kò fi di kòtò?" Ẹni àkọ́kọ́ dákẹ́. Kò sí inú ìwé ètò olùkọ́ tí a ti lè rí ìbéèrè yẹn.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3, wọ́n tún gbé ìka sókè: àwọn tí ó mú afẹ́fẹ́ ti di 39. Olùkọ́ wá pe àwọn tí ó ti fetí sí. Ó kọ́kọ́ pe ẹni tí ó gbà pé ilẹ̀ ni, kí èrò náà lè jáde pátápátá, kí ó tó pe ẹni tí ó béèrè nípa kòtò. Gbogbo rẹ̀, láti orí ìbéèrè títí dé ibi gbígbé e síta, gba ìṣẹ́jú 9.

Ìgbà yìí ni etí ọmọ ṣí láti gbọ́ àlàyé. Olùkọ́ fi ìṣẹ́jú 8 sọ ìtàn oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Fáànù Hẹ́límọ́ǹtì, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù lónìí. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1648, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó gbin igi wílò tí ó wọ̀n ju kílò 2 lọ díẹ̀ sínú ìkòkò ńlá tí ilẹ̀ gbígbẹ inú rẹ̀ tó nǹkan bí kílò 90. Omi nìkan ni ó ń bu sí i fún ọdún 5. Igi náà wá wọ̀n tó nǹkan bí kílò 77, ṣùgbọ́n ohun tí ó dín nínú ilẹ̀ náà kò ju nǹkan bí gíráàmù 57 lọ, ìyẹn ìwọ̀nba ẹ̀kúnwọ́ kan. Ó ní omi ni ó di igi. Ó gbà á tán pé ilẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n kò ka afẹ́fẹ́ sí. Òótọ́ ni pé omi pọ̀ nínú igi tútù. Ṣùgbọ́n bí igi bá ti gbẹ, kábọ́nì àti ọ́síjìn tí ewé gbà láti inú afẹ́fẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó kù. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ní tirẹ̀ ń mú agbára wá, kò mú ìwọ̀n wá.

FORÍ KORÍ

Ó ku ìṣẹ́jú 12. Olùkọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá òye náà ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Ó lo ètò mìíràn tí a lè pè ní "Forí korí." Àwọn bẹ́ǹṣì iwájú yí padà sí ti ẹ̀yìn wọn, wọ́n di ẹlẹ́ni mẹ́rin-mẹ́rin, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì gba nọ́ńbà, láti 1 dé 4. Ìbéèrè ni pé: "Bí a bá dáná sun igi ńlá kan, eérú díẹ̀ ni ó ń kù. Níbo ni ìyókù lọ, kí sì ni eérú náà?"

Ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ kọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n forí korí, pẹ̀lú òfin kan: ẹgbẹ́ náà kò tíì parí, àfi bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá lè ṣàlàyé ìdáhùn náà. Olùkọ́ kò sọ nọ́ńbà tí yóò pè. Nígbà tí àkókò pé, ó ní, "Nọ́ńbà 3, ẹ dìde," ó sì yan mẹ́ta nínú wọn láti oríṣiríṣi ẹgbẹ́. Ìdí tí a fi ń fi nọ́ńbà náà pamọ́ ni pé bí wọ́n bá mọ ẹni tí yóò sọ̀rọ̀, ẹni yẹn nìkan ni wọn yóò kọ́. Nígbà tí wọn kò mọ̀ ọ́n, ẹni tí ó já fáfá á ní ìdí láti kọ́ ẹni tí kò tíì yé, ẹni tí kò tíì yé náà á sì ní ìdí láti béèrè.

Ìdáhùn wọn bọ́ sí ibi tí olùkọ́ fẹ́: kábọ́nì tí ó ti inú afẹ́fẹ́ wá ti padà sínú afẹ́fẹ́, eérú sì ni ìwọ̀nba díẹ̀ tí gbòǹgbò fà láti inú ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ bàbá ọmọ àkọ́kọ́ rí ìdáhùn níbẹ̀: díẹ̀ ni ohun tí igi ń gbà nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣe láìsí díẹ̀ náà. Èyí gba ìṣẹ́jú 7. Ìṣẹ́jú 5 tí ó kù, ọmọ kọ̀ọ̀kan fi kọ ìlà mẹ́rin sínú ìwé rẹ̀ láìwo pátákó, olùkọ́ sì gba ìwé bẹ́ǹṣì méjì lọ láti kà.

IBI TÍ Ó TI Ń BÀJẸ́

Ohun àkọ́kọ́ tí ń ba ètò yìí jẹ́ ni ìbéèrè tí kò yẹ. Bí olùkọ́ bá béèrè pé, "Kí ni orúkọ afẹ́fẹ́ tí ewé ń gbà?" ẹni tí ó mọ̀ ọ́n á sọ ọ́ láàrin ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Bí ariwo kíláàsì bá yára lọ sílẹ̀, tàbí tí ẹ̀rín gba ibẹ̀ kan, ìbéèrè ni kí olùkọ́ kọ́kọ́ wò kí ó tó bá àwọn ọmọ wí. Ìbéèrè tí ó yẹ ni èyí tí ọlọ́gbọ́n méjì lè kọ́kọ́ dáhùn sí ọ̀nà méjì.

Èkejì ni pé kí àwọn méjì tí kò mọ nǹkan kan jókòó máa fi àìmọ̀ lé ara wọn lọ́wọ́. Ẹ́ríkì Másúrù, tí ń kọ́ni ní físíìsì ní Yunifásítì Háfáàdì, bẹ̀rẹ̀ sí lo irú ìdìbò àti ìjíròrò yìí ní ọdún 1991, ìwọ̀n tí ó sì lò wúlò fún olùkọ́ ibi gbogbo. Bí àwọn tí ó gbà á níbi ìdìbò àkọ́kọ́ kò bá tó ìdá 30 nínú 100, kí olùkọ́ má ní kí wọ́n jíròrò; kí ó padà ṣàlàyé. Bí wọ́n bá ju ìdá 70 lọ, kí ó ṣàlàyé ní ṣókí, kí ó kọjá. Àárín méjèèjì ni ìjíròrò ti ń so èso. Nínú kíláàsì ọlọ́mọ 60, ìyẹn ni láti ọmọ 18 títí dé 42. Ọmọ 20 tí ó gbà á nínú àpẹẹrẹ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àárín náà ni.

Ẹ̀kẹta ni kí ẹnì kan máa sọ̀rọ̀ ṣáá. Olùkọ́ tí ó bá ń rìn kiri yóò rí i: ẹnu kan ń mì, ìwé ẹnìkejì sì funfun. Kí ó dúró níbẹ̀, kí ó sọ fún ẹni tí ó dákẹ́ pé, "Ka ohun tí o kọ fún un."

Ẹ̀kẹrin ni ariwo. Ọmọ 60 tí ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà yóò dé ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Kí olùkọ́ ti kọ́ wọn ní àmì kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ rárá: bí ó bá gbé ọwọ́ sókè, kí ẹni tí ó bá rí i gbé tirẹ̀ sókè kí ó sì dákẹ́. Ìgbà tí ó yẹ kí ó gbé ọwọ́ náà sókè ni nígbà tí ariwo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lọ sílẹ̀. Kò yẹ kí ó dúró di ìgbà tí gbogbo wọn bá parí.

OHUN TÍ A NÍ LÁTI YỌ KÚRÒ

Ìbẹ̀rù tí ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni pé ìwé ìlànà táàmù kò ní parí, ìdánwò àṣekágbá sì ń bọ̀. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú 9 àti 7 tí àpẹẹrẹ wa lò gbọ́dọ̀ wá láti ibì kan. Ibi tí ó ti wá ni ìṣẹ́jú 10 tí olùkọ́ ń fi kọ nóòtì gígùn sí pátákó, àti apá kan nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń sọ ohun tí ó ti wà nínú ìwé kíkà. Ẹni tí ó bá fi ètò yìí kún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láìyọ nǹkan kan kúrò, aago yóò lù bá a lẹ́nu ọ̀rọ̀, yóò sì sọ pé ètò náà kò dára.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ ni ó sì yẹ fún un. Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ tuntun pátápátá, tàbí ọ̀nà ìṣirò tí ọmọ kò rí rí, olùkọ́ ni kí ó kọ́kọ́ fi í hàn wọ́n tán. Àwọn ètò ẹlẹ́gbẹ́ mìíràn sì wà, irú èyí tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ń lọ kọ́ apá kan nínú ẹ̀kọ́ tí yóò sì padà wá kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn gba píríọ́ọ̀dù méjì tí a so pọ̀, kí olùkọ́ má sì fi í bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí olùkọ́ lè fi bẹ̀rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Kí ó mú ìwé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí ó wá ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń kùnà níbi ìdánwò, kí ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, kí ó sì kọ ìbéèrè kan síbẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn mẹ́rin, tí mẹ́ta nínú wọn jẹ́ àṣìṣe tí òun ti bá pàdé nínú ìwé wọn rí. Lọ́jọ́ náà, dípò "Ṣé ó yé yín?" kí ó ní kí wọ́n gbé ìka sí àyà. Iye ìka tí ó bá kà ni yóò sọ ohun tí yóò ṣe tẹ̀lé e fún un.